Ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú àwọn ọmọ: kí ni kí n sọ tí wọ́n á fi fẹ́ràn ìwé kíkà?

Àǹtí Kíláàsì Kẹrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀gá wa ní kí n bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níbi àpéjọ àárọ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí wọ́n lè máa kàwé fún ìgbádùn, yàtọ̀ sí ìwé kíláàsì. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Gbogbo ọmọ, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, ló máa dúró nínú oòrùn. Mo ti kọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sú èmi tí mo kọ ọ́. Kí ni kí n sọ?

---

Bàbá Ìbejì

Àǹtí, ẹ má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó ń kàwé ló ń yege ìdánwò, ẹni tí kò bá kàwé yóò kẹ́yìn. Ìbẹ̀rù ló ń mú ọmọ ìsinsìnyí ṣe nǹkan. Àwọn ìbejì mi wà ní kíláàsì karùn-ún, kò sí èyí tó ń fọwọ́ kan ìwé àfi bí mo bá mú ẹgba.

---

Ìyá Olùkọ́

Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bàjẹ́. Bí a bá ti so ìwé ìtàn mọ́ ìdánwò àti ẹgba, ìwé kíláàsì míì la tún fi kún ti ilẹ̀. Ọmọ á kà á tán, á sì jù ú nù.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà. Ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti ní kí n sọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí Àǹtí sọ yìí. Níbẹ̀rẹ̀, ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni mo máa ń sọ: ìwé dára, ìwé ń lani lójú, ẹ máa kàwé. Àwọn ọmọ á dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, mà" lóhùn kan ṣoṣo, wọ́n á tò lọ sí kíláàsì, ó parí. Kò sí ẹyọ ọmọ kan tó wá béèrè ìwé lọ́wọ́ mi.

Lọ́dún tó yí padà, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo gbàgbé bébà tí mo kọ ọ̀rọ̀ mi sí sílé. Ìwé kan ṣoṣo tó wà nínú báàgì mi ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ. Mo ṣí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi tí Àkàrà-oògùn ti pàdé Àgbákò, oníjú mẹ́rìndínlógún. Bí àwọn méjèèjì ṣe fẹ́ wọ̀yá ìjà báyìí ni aago lù. Mo pa ìwé dé. Mo ní ìyókù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì mi. Nígbà tí bíréèkì tó, ọmọ mọ́kànlá ló wà lẹ́nu ọ̀nà, méjì nínú wọn ò tíì jẹun.

Àǹtí, nítorí náà, má sọ̀rọ̀ nípa ìwé. Ka ìwé sí wọn létí, kí o sì pa á dé níbi tó dùn jù.

---

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Òótọ́ ni Ìyá Olùkọ́ sọ, ọgbọ́n àtijọ́ sì ni. Ní 1929, Isaac Thomas tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà ń ròyìn ayé tó ti jẹ ní Èkó. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan níbì kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni. Ohun tó mú wọn tún ra ìwé ìròyìn ni pé ìtàn náà kì í parí. Kò sí ẹni tó wá wàásù fún ará Èkó pé ìwé kíkà dára.

Àǹtí, ẹ má mú ìyẹn lọ sí pírámárì o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ Ṣẹ̀gilọlá kì í ṣe ti ọmọdé.

---

Mọ́mì Tómi

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí. Tómi mi wà ní kíláàsì kẹta, kò lè ka ìlà kan já. Bó bá dé ọ̀rọ̀ tó gùn, á máa wo ojú mi. Ìwé wo ni kí n rà?

---

Àǹtí Kíláàsì Kẹrin

Mọ́mì Tómi, ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè tèmi, mà. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n kà ṣùgbọ́n tí wọn kì í kà ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

---

Ìyá Olùkọ́

Àǹtí, má lé e. Ọ̀pọ̀ irú Tómi ló máa wà níwájú rẹ lọ́jọ́ Ajé, àwọn náà á sì wọ yúnífọ́ọ̀mù bíi ti yòókù. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá jẹ́ "ẹ lọ kàwé", ìtìjú lo fi kún ti wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kà lè gbọ́ ìtàn, ó sì lè fẹ́ mọ bó ṣe parí. Ìdí kan tún nìyẹn tí mo fi ní kí o kà á sí wọn létí.

Mọ́mì Tómi, ẹ má tíì ra ìwé tuntun. Ẹ ka èyí tó wà nílé fún un lálẹ́, ẹ fi ìka tọ ìlà bí ẹ ṣe ń kà. Bó bá ti mọ ìtàn náà lórí, ẹ yọ ẹnu kúrò ní ọ̀rọ̀ kan, kí òun pè é. Bó bá pẹ́ kó tó pè é, ẹ pè é fún un kí ẹ máa lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìtàn dúró nítorí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ sì mú un lọ wo ojú rẹ̀ ní ọsibítù, torí mo ti rí ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ tó jẹ́ pé kò ríran rí pátákó ni.

---

Tíṣà Sẹ́kọ́ńdìrì

Mo gbà pẹ̀lú yín dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ìtàn dídùn nìkan kò tó. Ẹ fi ẹ̀bùn sí i. Ẹ kéde pé ọmọ tó bá ka ìwé márùn-ún kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí yóò gba bírò àti ìwé ìkọ̀wé. Nílé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò sí ìwé tó kù lórí pẹpẹ.

---

Ìyá Olùkọ́

Irú ìwé wo ni wọ́n kọ́kọ́ mú?

---

Tíṣà Sẹ́kọ́ńdìrì

Ó dáa, mà. Mo mọ ibi tí ẹ ń lọ. Àwọn tó tín-ín-rín jù ni wọ́n kọ́kọ́ kó. Ọmọ kan gba ìwé ní ìrọ̀lẹ́, ó dá a padà ní àárọ̀, mo bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, ó ní "ó dùn, sà". Nígbà tí bírò tán, pẹpẹ tún kún. Ṣùgbọ́n mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwọn ọmọ náà ò dáwọ́ ìwé kíkà dúró. Ọ̀kan ṣì ń yá ìwé lọ́wọ́ mi títí tó fi jáde ìwé mẹ́wàá. Tí kò bá sí bírò, ṣé á bẹ̀rẹ̀ rárá?

---

Ìyá Olùkọ́

Mi ò lè sọ pé kò ní bẹ̀rẹ̀, mi ò sì lè sọ pé yóò bẹ̀rẹ̀. Èmi ò fi ẹ̀bùn sí i nítorí ohun tí ìwọ náà rí. Iye ìwé lọmọ ń kà nígbà náà, kì í ṣe ìwé.

---

Ìyá Lọ́ńdọ̀nù

Níbí, ọjọ́ ìwé wà ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Mẹ́ta. Àwọn ọmọ máa ń múra bí ẹni tó wà nínú ìwé tí wọ́n fẹ́ràn lọ sí ilé-ìwé, wọ́n sì ń fún wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì pọ́n-ùn kan tí wọ́n lè fi gba ìwé. Àǹtí, ẹ ò ṣe ní kí àwọn ọmọ múra bí Àkàrà-oògùn?

---

Bàbá Ìbejì

Mà, ta ló máa ra aṣọ ọdẹ fún ìbejì? Owó yúnífọ́ọ̀mù ti ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san tán.

---

Àǹtí Kíláàsì Kẹrin

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ohun tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ nìyí, ẹ bá mi wò ó:

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé wa. Lónìí, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí àǹfààní ìwé kíkà. Ìwé kíkà ń jẹ́ kí ọpọlọ ẹni jí pépé. Ìwé kíkà ń jẹ́ kí a mọ̀ nípa ìlú mìíràn. Ẹni tí kò bá kàwé yóò kábàámọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ dín eré kù, ẹ dín fóònù kù, kí ẹ sì fi àkókò yín sílẹ̀ fún ìwé kíkà…"

Ó tún gùn ju báyìí lọ.

---

Ìyá Olùkọ́

Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò sí ẹnì kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ọmọ, kò sí ìyá, kò sí ìwé tó ní orúkọ. O tún ní kí wọ́n dín eré kù. O ti sọ ìwé di ọ̀tá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ló sì máa borí.

Kó tó di pé o tún un kọ, ṣe nǹkan mẹ́ta yìí.

Àkọ́kọ́, lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ìwé yín lónìí. Ka iye ìwé ìtàn tó wà níbẹ̀, kí o sì wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ ìwé lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n wá sọ fún un pé ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ rin ìrìn-àjò, o ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí ilé-ìwé tí ìwé ti ń gbó nínú páálí nítorí ẹ̀rù pé àwọn ọmọ á fa á ya.

Èkejì, yan ojú ewé rẹ, kí o sì kà á sókè nílé tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Níwájú ọ̀pọ̀ èrò níta gbangba, ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ni èmi máa ń kà ní ìṣẹ́jú kan, bí mo bá yára jù bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní gbọ́ mi. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni kí o fi kàwé, kò ní ju ojú ewé kan lọ. Bí gbólóhùn Fágúnwà bá ti gùn jù, wá ibi tó o ti máa mí, kí o fi pẹ́ńsù fa ìlà síbẹ̀. Ṣọ́ra fún àmì ohùn. Bí ìwé rẹ bá jẹ́ ti àtijọ́, tí wọ́n tẹ̀ kí àkọtọ́ tó yí padà ní 1974, "aiye" lo máa rí fún ayé, "enia" fún ènìyàn, "ọkọnrin" fún ọkùnrin. Ìwọ á mọ̀ ọ́n kà. Ọmọ tó bá yá ìwé náà lè kọsẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà sọ fún un kó tó mú un lọ. Bí àmì ò bá sí lórí "ogun", ọmọ ò mọ̀ bóyá ogún ni, tàbí ògùn, tàbí ogun tí wọ́n ń jà. Ibi tí ìwọ bá ti kọsẹ̀ níwájú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rẹ́rìn-ín, ìtàn á sì dànù.

Ẹ̀kẹta, pinnu ọ̀rọ̀ tó máa kẹ́yìn kó o tó kúrò nílé. Má dúró síbi tí ọ̀rọ̀ ti parí. Dúró síbi tí ẹnì kan ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

---

Olùtẹ̀wé Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀, Mà. Fágúnwà le fún ọmọ pírámárì. Ìwé náà ti wà láti 1938, òwe inú rẹ̀ kún bí omi. Ọmọ tó bá gbọ́ ojú ewé kan, tó wá yá ìwé náà lọ sílé, á bọ́ sínú ojú ewé àkọ́kọ́ tó kún fún ọ̀rọ̀ àgbà, á sì jù ú sílẹ̀. Ó sàn kí Àǹtí ka èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ lè kà. Àwọn sẹ́kọ́ńdìrì lè gbádùn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Òkédìjí, Àjà Ló Lẹrù. Ọmọ kékeré ní tirẹ̀, ìwé àwòrán ni kí ẹ fún un.

Mo máa ń ní kí ọmọ tó wá ra ìwé lọ́dọ̀ mi ṣí àárín rẹ̀, kó máa kà, kó máa ká ìka kan fún ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Bí ìka márùn-ún bá ká tán lójú ewé kan, ìwé náà ti le jù fún un nìyẹn. Wọ́n ń gbádùn rẹ̀ nítorí àwọn fúnra wọn ló ń dá a lẹ́jọ́.

---

Ìyá Olùkọ́

Ìka márùn-ún yẹn dára, mo ti lò ó. Àǹtí, fi í sínú ọ̀rọ̀ rẹ. Lórí Fágúnwà, òótọ́ wà nínú ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n mi ò ní yọ Àgbákò kúrò. Ohun tí ọmọ lè gbọ́ ju ohun tó lè dá kà lọ. Kó Fágúnwà kan dání, kí o sì to àwọn tó rọrùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Ọmọ tó wá nítorí Àgbákò lè bá òmíràn lọ.

---

Àǹtí Kíláàsì Kẹrin

Mo ti lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé ìtàn mẹ́tàlélógójì ló wà, mọ́kànlá péré ló jẹ́ Yorùbá. Àwọn ọmọ wa sì lé ní irínwó. Mo ti gba kọ́kọ́rọ́. Èyí tí mo tún kọ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ sún mọ́bí, sábẹ́ igi máńgòrò, kí oòrùn má pa yín.

Ìyá ìyá mi ò mọ̀ọ́kọ, ò mọ̀ọ́kà. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, èmi ni mo máa ń kàwé fún un lálẹ́ lẹ́bàá àtùpà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọdẹ inú ìwé wa fẹ́ pàdé ẹnì kan nínú igbó. Kẹrosíìnì bá tán. Ilé ṣókùnkùn biribiri. Màmá ní, 'Ta ló pàdé?' Mo ní, 'Mi ò tíì rí i, Màmá.' Màmá ò sùn, èmi náà ò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yẹ kí n lọ pọn omi. Màmá ní, 'Gbé korobá sílẹ̀. Gbé ìwé yẹn wá ná.'

Ìwé náà nìyí. Ẹ gbọ́ ẹni tí ọdẹ yẹn pàdé."

Níbí ni màá ti ka ojú ewé Àgbákò. Lẹ́yìn náà:

"Mi ò ní sọ ẹni tó borí. Ní bíréèkì, mo máa wà ní tábìlì lábẹ́ igi yìí. Èyí wà níbẹ̀, àwọn mìíràn náà wà níbẹ̀. Ṣí àárín ìwé, kà á, kí o máa ká ìka fún ọ̀rọ̀ tí kò yé ọ. Bí ìka márùn-ún bá ká tán, mú òmíràn. Bí ìwé bá sú ọ, dá a padà, mi ò ní bínú. Kò sí ìdánwò lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì lè kà, kó wá, màá wá ẹni tí yóò kà á fún un."

---

Tíṣà Sẹ́kọ́ńdìrì

Ọ̀rọ̀ korobá yẹn mú mi lọ́kàn. Ẹ má fi kún un mọ́.

---

Bàbá Ìbejì

Ó dùn, mi ò puró. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé kò sí ìdánwò lórí rẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé wọ́n kà á? Àwọn tèmi lè máa gbé ìwé ká bí ẹni gbé àpò.

---

Ìyá Olùkọ́

Wàá mọ̀ nílé, Bàbá. Bí ẹni tó ń kàwé kò bá gbọ́ nígbà tí ẹ pè é wá jẹun, ó ń kà á. Àǹtí ní tirẹ̀, kó fi ìwé ìkọ̀wé kan ṣe àkọsílẹ̀: orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀, ìwé tó mú, ọjọ́ tó mú un, ọjọ́ tó dá a padà. Kó wo àwọn tó mú ìwé kejì láìsí ẹni tó rán wọn. Iye àwọn yẹn ló máa sọ fún un bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé.

---

Àǹtí Kíláàsì Kẹrin (ọjọ́ Ẹtì)

Mo padà wá jábọ̀. Iná lọ lọ́jọ́ Ajé, máìkì ò ṣiṣẹ́. Mo ní kí gbogbo wọn sún mọ́ mi, mo dúró sáàárín wọn. Ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì pa wọ́n lẹ́rìn-ín, n ò retí ẹ̀rín níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ojú mẹ́rìndínlógún, gbogbo wọn pa lọ́lọ́, àfi ọmọ kíláàsì kìíní kan tó bú sẹ́kún. Mo ní láti gbé e mọ́ra kí n tó kà á dé ibi tí mo fẹ́ dúró. Bí n bá tún ṣe é, màá kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn kíláàsì kìíní àti ìkejì lọ, kí n ka ìtàn ìjàpá fún wọn lọ́tọ̀.

Ọmọ mẹ́tàlélógún ló wá ní bíréèkì, mo sì gbé ìwé mẹ́rìnlá jáde. Ẹni méje fẹ́ Fágúnwà kan ṣoṣo, mo kọ orúkọ wọn tẹ̀léra wọn, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Olùtẹ̀wé, òótọ́ lẹ sọ: ẹni àkọ́kọ́ dá a padà lọ́jọ́ kejì, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le. Ẹnì kejì ò béèrè ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣí i sí ibi tí mo dúró gan-an, ó sì ń kà á lọ. Títí di òní, ọmọ márùn-ún ti mú ìwé kejì.

Ọ̀gá wa ti ní kí n ṣe ìbéèrè mẹ́wàá lé wọn lórí, kó lè rí ohun tó máa kọ sínú ìròyìn rẹ̀. Mo ní kó fún mi di ìparí ọdún ẹ̀kọ́. Kò tíì fèsì.

Mọ́mì Tómi, ọmọ kíláàsì kejì kan wá sí tábìlì náà tí kò lè ka ìlà kan. Mo ní kó mú ẹni tó máa kà á fún un wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun wà nílé. Ó mú ìwé ìjàpá lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àná ló yẹ kó dá a padà. Mo rí i lónìí níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, ó ń fi ìka tọ ìlà, ó ń sọ ìtàn náà fún wọn bí ẹni tó ń kà á. Mi ò tíì béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.